Èrè wà nínú ìwé, owó ò sí lọ́wọ́: bí a ṣe ń ka bálánsì ṣíìtì kí a tó ra ìpín

Ẹni tó bá ń ṣòwò ara rẹ̀ mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ kò fiyè sí: ọjà lè máa tà, èrè lè máa wọlé nínú ìwé, kí owó tí a fẹ́ fi san gbèsè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ má sì sí nílẹ̀. Ìmọ̀ yẹn gan-an la fi ń ka bálánsì ṣíìtì. Ohun tó ń dẹ́rù ba èèyàn ni pé wọ́n kó nọ́ńbà rẹpẹtẹ jọ sójú kan, gbogbo wọn jọra lójú, kò sì sí ẹni tó sọ ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò. Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gbé lọ síbẹ̀. Èló ni ilé-iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ san láàárín oṣù 12 tó ń bọ̀? Níbo ni owó náà yóò ti jáde?

Bálánsì ṣíìtì ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ní àti ohun tó jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí í sábà jẹ́ ọjọ́ tí ọdún ìṣirò wọn parí. Apá mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni dúkìá, ìyẹn gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ ní, títí kan owó tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́. Ìkejì ni gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ìkẹta ni ohun tó ṣẹ́ kù fún àwọn onípìn-ín bí a bá yọ gbèsè kúrò nínú dúkìá. Nítorí náà, dúkìá máa ń dọ́gba pẹ̀lú gbèsè àti owó onípìn-ín lápapọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdọ́gba yìí tàn yín jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò náà ló mú un dọ́gba, ìwé ilé-iṣẹ́ tó máa kógbá wọlé lọ́la náà ń dọ́gba.

Ìlà kan tún wà tó gba àárín dúkìá àti gbèsè kọjá, òun ló sì wúlò jù fún wa níbí: ìlà ọdún kan. Dúkìá tí wọ́n retí pé yóò di owó láàárín oṣù 12 wà lápá kan, èyí tí yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lápá kejì. Bákan náà ni wọ́n pín gbèsè. Ilé àti ẹ̀rọ wà lára èyí tó ń pẹ́. Owó báńkì, àwìn tí oníbàárà kò tíì san àti ọjà tó wà nílẹ̀ wà lára èyí tí kì í pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Èmi ni mo to nọ́ńbà rẹ̀ fún àlàyé yìí, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bàtà ni, mílíọ̀nù sì ni gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀. Owó orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ bá fi sí i, ìṣirò náà kò yí padà. Gúdíwìlì tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ná, màá ṣàlàyé rẹ̀ tó bá yá.

| | Ìparí 2023 | Ìparí 2022 |
|---|---|---|
| Owó tó wà lọ́wọ́ àti ní báńkì | 25 | 90 |
| Àwìn tí oníbàárà jẹ | 230 | 120 |
| Ọjà tó wà nílẹ̀ | 265 | 150 |
| Dúkìá inú ọdún kan | 520 | 360 |
| Ilé àti ẹ̀rọ | 380 | 340 |
| Gúdíwìlì | 60 | 60 |
| Gbogbo dúkìá | 960 | 760 |
| Owó tí a jẹ àwọn tó ń kó ọjà wá | 190 | 110 |
| Ẹ̀yáwó tí a ó san láàárín ọdún kan | 180 | 50 |
| Gbèsè inú ọdún kan | 370 | 160 |
| Ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ gígùn | 140 | 200 |
| Owó tí onípìn-ín dá | 250 | 250 |
| Èrè tí a kò pín | 200 | 150 |
| Gbèsè àti owó onípìn-ín | 960 | 760 |

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà lè dìde níwájú àwọn onípìn-ín kó sọ ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́, kò sì ní purọ́. Dúkìá ti kúrò ní 760, ó ti di 960. Èrè tí wọ́n kó pa mọ́ ti fi 50 lé sí i. Gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn ti dín kù láti 200 sí 140. Ẹni tó bá wo àròpọ̀ nìkan yóò ra ìpín náà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi àròpọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbèsè inú ọdún kan. Ní ìparí 2022, 160 ni. Ní ìparí 2023, ó ti di 370. Ìlọ́po méjì ti kọjá. Gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn tí wọ́n ní ó dín kù ńkọ́? Kì í ṣe pé wọ́n ti san án. Ọjọ́ sísan 60 nínú rẹ̀ ló ti sún mọ́lé, wọ́n wá gbé e kúrò lápá ìsàlẹ̀ bọ́ sí apá òkè. Bí ẹ bá yọ 60 yẹn kúrò nínú 180, 120 ló ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ 50 ni wọ́n jẹ lọ́dún tó kọjá. Ìyẹn ni pé wọ́n tún yá 70 sí i, owó tí báńkì lè béèrè láìpẹ́.

Ó wá kan ibi tí owó tí wọn yóò fi san án wà. Ìṣirò tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi gbèsè inú ọdún kan pín dúkìá inú ọdún kan. Lọ́dún 2022, 360 ÷ 160 jẹ́ 2.25. Lọ́dún 2023, 520 ÷ 370 jẹ́ bíi 1.4. Ó ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ju 1 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó máa di owó ṣì pọ̀ ju ohun tí wọ́n máa san lọ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé á dúró síbẹ̀, ọkàn wọn á sì balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo dúkìá ló ń yára di owó bákan náà. Bàtà tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí oníbàárà, oníbàárà náà lè rà á láwìn, àwìn náà lè pẹ́. Báńkì tó ń béèrè owó rẹ̀ kò ní gba bàtà dípò owó. Torí náà, ẹ yọ ọjà kúrò, kí ẹ tún un pín. Lọ́dún 2022, 90 àti 120 jẹ́ 210. 210 ÷ 160 jẹ́ bíi 1.3. Lọ́dún 2023, 25 àti 230 jẹ́ 255. 255 ÷ 370 kò tó 0.7. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Bí gbogbo oníbàárà tilẹ̀ san gbogbo àwìn wọn pátá láìku ẹyọ kan, ilé-iṣẹ́ yìí kò lè san gbèsè ọdún náà àfi tó bá rí bàtà tà. Owó gidi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ju 25 lọ.

Àwìn yẹn fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni àrùn sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kúrò ní 120, ó ti di 230. Kí a tó bínú sí i, ó yẹ ká mọ̀ bóyá ọjà tó tà náà lọ sókè tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá tà púpọ̀ láwìn, àwìn rẹ̀ á pọ̀. Iye ọjà tó tà kò sí nínú bálánsì ṣíìtì, inú ìwé èrè àti òfò ló wà, ojú ewé tó sún mọ́ ọn nínú ìròyìn ọdọọdún kan náà. Ká sọ pé ọjà 730 ni wọ́n tà lọ́dún 2022, tí wọ́n sì ta 803 lọ́dún 2023. Ẹ fi ọjọ́ 365 pín in. Ìyẹn jẹ́ 2 lójúmọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, àti 2.2 lójúmọ́ lọ́dún kejì. Tí wọ́n bá ń ta 2 lójúmọ́, àwìn 120 jẹ́ ọjà ọjọ́ 60. Tí wọ́n bá ń ta 2.2, àwìn 230 jẹ́ ọjà ọjọ́ 104 àti díẹ̀. Ọjà tí wọ́n tà fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí owó fi ń pẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Nǹkan mẹ́ta ló lè fa irú èyí, bálánsì ṣíìtì nìkan kò sì lè sọ èwo ni. Ó lè jẹ́ pé àwọn oníbàárà kò rí owó san mọ́. Ó lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi àwìn ọlọ́jọ́ gígùn bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n lè ra bàtà tí kò tà mọ́. Ẹ̀kẹta ló burú jù: kí wọ́n ti kó ọjà jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún fún àwọn tí kò tíì nílò rẹ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti tà. Ọjà náà á wá padà wálé nígbà tí ọdún tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé èrè 50 tí wọ́n ń yọ̀ sí wà nínú àwìn yìí. Bí wọ́n bá rí i pé 50 nínú àwìn náà kò ní wọlé mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ já a kúrò, èrè ọdún náà á sì fò lọ.

Ọjà tó wà nílẹ̀ náà lọ láti 150 sí 265, nígbà tí títà kò lọ sókè ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bàtà ń jáde kúrò ní àṣà. Òfin ìṣirò sọ pé tí iye tí ọjà lè tà bá ti kéré sí iye tí wọ́n ná lé e, iye tó kéré yẹn ni kí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ ń pinnu ohun tó lè tà, ó sì máa ń ṣòro fún wọn láti gbà pé ọjà wọn ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí gbogbo onípìn-ín ì bá béèrè: ilé-iṣẹ́ tó jèrè 50, báwo ni owó ọwọ́ rẹ̀ ṣe já láti 90 sí 25? Ọ̀nà tí a fi ń rí ìdáhùn rọrùn. Ẹ fi ìlà kọ̀ọ̀kan ti 2023 wé ti 2022. Dúkìá tó bá pọ̀ sí i ti gba owó. Gbèsè tó bá pọ̀ sí i ti mú owó wá. Àwìn gba 110, ọjà gba 115, ilé àti ẹ̀rọ gba 40. Àpapọ̀ 265 ló jáde. Èrè mú 50 wá, àwọn tó ń kó ọjà wá fún wọn láyè 80 sí i, báńkì fi 70 kún un (130 tó wọlé lókè, yọ 60 tó kúrò nísàlẹ̀). Àpapọ̀ 200 ló wọlé. Ohun tó jáde fi 65 ju ohun tó wọlé lọ, 65 náà gẹ́lẹ́ ló sì kúrò nínú owó ọwọ́. Kò sí olè, kò sí idán. Èrè náà ti di bàtà àti ìlérí.

Ẹ tún wo 80 tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wá. Wọ́n jẹ wọ́n ní 110 tẹ́lẹ̀, ó ti di 190. Bí kò bá jẹ́ pé àwọn yẹn fínnúfíndọ̀ fún wọn ní àsìkò sí i, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi wọ́n falẹ̀. Ẹni tó bá ti kó ọjà fún ilé-iṣẹ́ ńlá rí á mọ bí ó ṣe ń rí: wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé yín kò sì ní sí lórí ìjókòó. Nínú bálánsì ṣíìtì, ibi tí ìyẹn ti ń hàn nìyí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí èyí, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìròyìn ọdọọdún náà, níbi tí àwọn àkọsílẹ̀ àlàyé wà. Nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú bálánsì ṣíìtì ló ń júwe àkọsílẹ̀ tó yẹ kí ẹ ṣí. Níbi àwìn, ẹ wá iye tí ọjọ́ sísan rẹ̀ ti kọjá àti iye tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má wọlé mọ́. Bí àwìn bá pọ̀ sí i, tí iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò kúrò lójú kan, ìyẹn gba ìbéèrè. Níbi ẹ̀yáwó, ẹ wá ọjọ́ sísan, èlé, ohun tí wọ́n fi ṣe ìdúró, àti àdéhùn tó wà láàárín wọn àti báńkì. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn bẹ́ẹ̀, báńkì lè béèrè gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan náà tí ìṣirò ilé-iṣẹ́ bá ti já wálẹ̀ ju iye tí wọ́n fẹnu kò sí. Kí ẹ tún ka ọ̀rọ̀ ayẹ̀wé-owó-wò. Tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń ṣiyèméjì bóyá ilé-iṣẹ́ náà lè máa bá iṣẹ́ lọ, gbólóhùn yẹn wúwo ju gbogbo àwòrán mèremère tó wà níwájú ìwé lọ.

Gúdíwìlì kù. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ra ilé-iṣẹ́ mìíràn ní iye tó ju iye dúkìá rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbèsè, àlékún tó san ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹ kò lè gbé e lọ sọ́jà kí ẹ tà á lọ́tọ̀. Mo máa ń yọ ọ́ kúrò nínú owó onípìn-ín kí n tó gba iye yẹn gbọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, 250 àti 200 jẹ́ 450. 450 yọ 60 jẹ́ 390, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo Carillion, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá kan ní Bìrìtìkó. Nínú bálánsì ṣíìtì rẹ̀ ti ìparí ọdún 2016, gúdíwìlì lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo owó onípìn-ín kò tó bílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì á rí i pé kò sí nǹkan kan nílẹ̀ fún onípìn-ín. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Mílíọ̀nù 29 pọ́n-ùn ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè ọrùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 7.

Ọ̀nà ìkàwé yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ilé ìtajà ńlá tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lójú ẹsẹ̀, tó sì ń san owó àwọn tó ń kó ọjà wá lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, lè máa ní gbèsè inú ọdún kan tó ju dúkìá inú ọdún kan lọ lọ́dọọdún, kí ara rẹ̀ sì le koko. Irú ìyẹn, ẹ fi wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má fi wé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ lo ìṣirò yìí fún wọn rárá. Owó tí àwọn oníbàárà fi pa mọ́ sí báńkì, gbèsè ló jẹ́ nínú ìwé tiwọn, ètò ìwé náà sì yàtọ̀ pátápátá.

Ìṣòro kejì ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìwé náà ń sọ. Ilé-iṣẹ́ lè fi sísan owó ọjà falẹ̀ di ọjọ́ kejì ìparí ọdún kí owó ọwọ́ rẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe sí i ni pé kí n wo èlé tí wọ́n san nínú ìwé èrè àti òfò. Bí ẹ̀yáwó tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ìparí ọdún bá kéré, tí èlé tí wọ́n san láàárín ọdún sì pọ̀ gan-an, a jẹ́ pé gbèsè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láàárín ọdún ju èyí tí wọ́n fi hàn wá lọ.

Ilé àti ilẹ̀ náà lè tàn wá jẹ, ṣùgbọ́n lọ́nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń kọ wọ́n ní iye tí wọ́n rà wọ́n, wọ́n á wá máa dín iye ilé àti ẹ̀rọ kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí wọ́n rà ní ọdún 30 sẹ́yìn lè wà nínú ìwé ní iye kékeré tí kò jọ ti òní rárá.

Tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní ra ìpín ilé-iṣẹ́ bàtà yìí báyìí, bó ti wù kí iye tí wọ́n ń tà á dà bí ọ̀pọ̀ tó. N kò sì ní sọ pé ó ti kú. Màá dúró de ìròyìn ìdajì ọdún, ìlà mẹ́ta ni màá sì kọ́kọ́ wò níbẹ̀: bóyá àwìn ti padà sún mọ́ ọjọ́ 60, bóyá ọjà tó wà nílẹ̀ ti dín kù láìjẹ́ pé wọ́n tà á ní àdánù, àti bóyá báńkì ti gbà láti sún ọjọ́ sísan 120 yẹn nínú ẹ̀yáwó inú ọdún kan síwájú. Bí wọ́n bá ní kí àwọn onípìn-ín tún dá owó sí i, ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tuntun yàtọ̀ sí owó tí wọ́n fẹ́ fi san gbèsè tó ti pé ọjọ́.